Àga Mẹ́rin, Oníbàárà Mọ́kàndínlógún: Ọgbọ́n Tí Onídìrí Ajamé Rọ́kísì Lè Fi La Àìsùn Ọdún Kọjá

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àmọ́ bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ onídìrí kì í wo ilé mọ́ kí wọ́n tó fún oníbàárà lésì. Tẹlifóònù á dún, wọ́n á ní, "Ẹ máa bọ̀ láago mẹ́sàn-án." Òmíràn á tún dún, ẹni tó gbé e á ní, "Mẹ́sàn-án náà dáa, màmá." Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá mọ́, obìnrin méjì á pàdé lẹ́nu àga kan, oníkálukú á sì máa fi àdéhùn tirẹ̀ lérí. Ẹni tó bá bínú jáde lọ́jọ́ yẹn kì í sábà padà wá mọ́, ibi tó bá sì dé ló ti máa ròyìn ìyà tó jẹ ẹ́.

Ajamé Rọ́kísì, nílùú Abijan, lórílẹ̀-èdè Kódífúà, ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí wò. Ẹni tó bá mọ Ajamé mọ̀ pé àdúgbò ọjà àti ibùdókọ̀ ni. Èrò kì í dá níbẹ̀, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀. Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Abijan láti ayé àwọn baba wa, Anangó ni àwọn onílẹ̀ ń pè wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti àwọn ìlú tó yí i ká lọ, débi pé ẹ lè bá ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa pàdé nínú ọjà Èjìgbò lónìí. Níbi tí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ bá ń gbé pọ̀ báyẹn, ọdún kan ò tíì ní í tán tí òmíràn á fi dé. Ìtúnu àwẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, Iléyá ń bẹ, Àjíǹde ń bẹ, Kérésìmesì àti Ọdún Tuntun ń bẹ, bẹ́ẹ̀ ni àyájọ́ òmìnira ilẹ̀ Kódífúà tó máa ń bọ́ sí 7 Oṣù Kẹjọ náà ń bẹ. Ìgbéyàwó àti ìkómọ ọjọ́ Sátidé ò gbẹ́yìn. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń kó obìnrin lọ sọ́dọ̀ onídìrí, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì máa ń fẹ́ lọ: ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la.

Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń rò ni pé àga ni kò tó. Wọ́n á ní bí àwọn bá lè ra àga méjì sí i, wàhálà tán. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó bóyá òótọ́ ni.

ỌWỌ́ LÓ KỌ́KỌ́ Ń TÁN, KÌ Í ṢE ÀGA

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Àga iṣẹ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, dráyà olórí ńlá tí oníbàárà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ jẹ́ méjì, ibi ìfọrun sì jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀gá àti àwọn méjì tó ti gbòmìnira, tí wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́, lè dá irun dì. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì wà tí wọ́n lè bá èèyàn dì í, ṣùgbọ́n tí a kò lè fi oníbàárà sílẹ̀ fún. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń tì.

Bí a bá ka àga, wákàtí 12 lọ́nà 4 á fún wa ní wákàtí 48. Ẹ wá jẹ́ ká ka ọwọ́. Ẹni tó bá ń jẹun, tó ń kírun, tó sì ń na ẹ̀yìn díẹ̀, kò lè fi gbogbo wákàtí 12 dìrí. Ẹ yọ wákàtí kan kúrò, ó ku 11. Àwọn àgbà mẹ́ta á fún wa ní 33. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ni a ó kà sí ìlàjì ọwọ́, nítorí náà àwọn méjèèjì á fún wa ní 11. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 44. Èyí kéré sí 48 ti àga. Bí ẹ bá wá ra àga méjì sí i, 44 náà ni ọwọ́ ṣì wà. Àga tuntun á kàn fún àwọn tó ń bínú ní ibi tí wọ́n á jókòó sí ni.

Nínú 44 yìí náà, kò yẹ kí ẹ ṣèlérí gbogbo rẹ̀. Oníbàárà kan á pẹ́ dé, iná á lọ nígbà tí ẹni kan wà lábẹ́ dráyà, irun ẹlòmíràn á takókó. Ẹ yọ wákàtí 8 sọ́tọ̀ fún irú nǹkan báyìí. Ohun tí ṣọ́ọ̀bù yìí lè fẹnu ṣèlérí lọ́jọ́ kan jẹ́ wákàtí 36.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ká ní oníbàárà 19 ló pè fún àìsùn ọdún. Mẹ́jọ nínú wọn fẹ́ irun wẹ́wẹ́ alátáṣímẹ́ǹtì, èyí tí ọwọ́ kan máa ń fi wákàtí 5 ṣe. Mẹ́jọ fẹ́ irun dídì mọ́lẹ̀, bíi ṣùkú àti kólẹ́sẹ̀, wákàtí 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta fẹ́ rílásà pẹ̀lú róla, èyí tó ń gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45 lọ́wọ́ onídìrí, láìka àkókò tí oníbàárà fi wà lábẹ́ dráyà. Ti àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ 40, ti àwọn kejì jẹ́ 16, ti àwọn ẹ̀kẹta jẹ́ 5 àti ìdámẹ́rin kan. Wákàtí 61 àti ìdámẹ́rin ni wọ́n fẹ́ fi 44 ṣe! Bí wọ́n ṣe wù kí wọ́n to àwọn èèyàn náà, ìjà ti wà nínú ìwé kí ilẹ̀ tó mọ́.

ÌKA Ò DỌ́GBA, IRUN NÁÀ Ò DỌ́GBA

Kí ni kí ọ̀gá ṣe? Ṣé kó lé èèyàn méje sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ni? Rárá. Kó béèrè pé irun wo ló máa ń pẹ́ lórí.

Irun wẹ́wẹ́ alátáṣímẹ́ǹtì máa ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí. Ẹni tó bá dì í ní Wẹ́sìdeè kò ní yàtọ̀ sí ẹni tó dì í ní Sátidé nígbà tí wọ́n bá dé ibi àríyá. Ṣùgbọ́n róla kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oorun alẹ́ kan àti òógùn Abijan ti tó láti bà á jẹ́. Irun dídì mọ́lẹ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì: ó lè pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin fẹ́ kó máa dán nígbà tí wọ́n bá wé gèlè tì í. Ìlànà náà kò wá ṣòro mọ́: ohun tó ń gba àkókò jù, tó sì ń pẹ́ lórí jù, òun ni kó kọ́kọ́ ṣí lọ sí ọjọ́ iwájú. Ohun tó ń tètè bàjẹ́ ni kí ẹ fi àìsùn ọdún sílẹ̀ fún.

Nínú ìwé ṣọ́ọ̀bù àpẹẹrẹ wa, kí ọ̀gá pe mẹ́fà nínú àwọn mẹ́jọ tó fẹ́ irun wẹ́wẹ́, kó kó mẹ́ta sí Wẹ́sìdeè, mẹ́ta sí Tọ́sìdeè. Bí ó bá máa dín owó díẹ̀ fún wọn nítorí pé wọ́n gbà láti ṣí, kó dín in. Ohun tó máa pàdánù lọ́jọ́ ìjà ju ìyẹn lọ. Ohun tó kù fún àìsùn ọdún nìyí: irun wẹ́wẹ́ méjì jẹ́ wákàtí 10, irun dídì mọ́lẹ̀ mẹ́jọ jẹ́ 16, rílásà mẹ́ta jẹ́ 5 àti ìdámẹ́rin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 31 àti ìdámẹ́rin. Ó wọ inú 36, ó tún ṣẹ́ wákàtí mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kù fún àwọn tó máa yà wọlé láìpe ẹnikẹ́ni. Oníbàárà mọ́kàndínlógún náà ló dìrí, kò sì sí ẹni tí a lé.

Kí ìṣirò yìí tó lè jẹ́ òótọ́, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹni tó gbé tẹlifóònù béèrè kó tó fún ẹnikẹ́ni láago: irú irun wo ni, báwo ló ṣe máa kéré tó, báwo ló sì ṣe máa gùn tó? Irun wẹ́wẹ́ tó tín-ín-rín bí okùn, tó sì gùn dé ìdí, lè gba wákàtí 8 dípò 5. Ẹni tó kọ "Ìyá Ìbejì, aago 9" sínú ìwé láìbéèrè kò tíì kọ nǹkan kan.

ÌWÉ TÓ Ń FI ÌJÀ HÀN KÍ Ó TÓ DÉ

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ní ìwé àkọsílẹ̀, síbẹ̀ tí èèyàn méjì ń pàdé lórí àga kan. Ìdí ni pé aago tí oníbàárà máa dé nìkan ni wọ́n ń kọ. Wọn kì í kọ aago tó máa dìde. Bẹ́ẹ̀ sì ni àdéhùn méjì kì í kọlu ara wọn torí pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákòókò kan náà nìkan. Wọ́n kọlu ara wọn bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ kí èkejì tó parí.

Ìwé tó máa fi èyí hàn kò ju ìwé onílà tí ọmọ iléèwé ń lò lọ. Ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹ kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà kan fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ wá fa ìlà láti òkè sísàlẹ̀ kí ojú ìwé pín sí mẹ́fà: mẹ́rin fún àga, méjì fún dráyà. Bí oníbàárà bá gba àga kejì láago 9 fún wákàtí 2, orúkọ rẹ̀ ò ní wà lójú kan ṣoṣo; ẹ ó fi kùn gbogbo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbà. Lójú kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àmì ẹni tó máa ṣe é sí i: lẹ́tà kan fún ọ̀gá, lẹ́tà kan fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Báàrù ni kí ẹ lò, nítorí pé ọ̀rọ̀ á yí padà.

Ọ̀nà méjì ni ẹ ó gbà ka ìwé yìí. Bí ẹ bá kà á láti òkè sísàlẹ̀, ẹ ó rí i bóyá àga kan gba èèyàn méjì. Èyí kò ṣòro. Èyí tó máa ń sá pamọ́ ni tí ẹ ó rí bí ẹ bá kà á láti òsì sí ọ̀tún: lórí ìlà kan náà, àmì òṣìṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ fara hàn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá gba obìnrin kan láago 9 fún irun wẹ́wẹ́, ó sì ní wákàtí mẹ́ta ló máa gbà torí pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ máa bá òun dì í. Ó gba ẹlòmíràn láago 12 sórí àga yẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà, òṣìṣẹ́ kejì ti gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn láago 10 láti bá òun na irun fún ẹlòmíràn. Àga ò kọlu àga o, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni wọ́n kà níbi méjì. Nígbà tí aago 12 bá lù, orí obìnrin àkọ́kọ́ ṣì wà ní àbọ̀, ẹni kejì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti ka ìlà aago 10 láti òsì sí ọ̀tún, àmì ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà ì bá ti fara hàn wọ́n lójú méjì.

Dráyà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Rílásà máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 kí ó tó dé abẹ́ dráyà: fífi sórí, fífọ̀, àti kíká róla. Yóò wá lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lábẹ́ rẹ̀. Bí dráyà bá jẹ́ méjì, tí obìnrin mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ láago 9, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dé ẹnu dráyà ní 10:30, ẹnì kan á sì jókòó pẹ̀lú róla tútù lórí títí di 11:15. Kí ẹni kẹta yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 9:45, ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí oníbàárà bá wà lábẹ́ dráyà, àga iṣẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ojú onídìrí máa ń wọ àga yẹn. Ẹ lè yá a fún iṣẹ́ kékeré tí kò ju ìṣẹ́jú 30 lọ, bíi kí wọ́n kàn fọ irun fún ẹni tó ń kánjú tàbí kí wọ́n tún iwájú orí ẹlòmíràn ṣe. Ẹ má ṣe gbé irun dídì mọ́lẹ̀ oní wákàtí méjì lé àga tó ṣófo fún ìṣẹ́jú 45, nítorí pé ẹni tó ni àga ń bọ̀.

ÌWÉ KAN, ẸNÌ KAN

Ìwé yìí kò ní ṣiṣẹ́ bí èèyàn mẹ́ta bá ń kọ ọ́. Ọ̀gá á gba èèyàn lórí Wọ́sáàpù rẹ̀, òṣìṣẹ́ á gba ọ̀rẹ́ tirẹ̀ nínú ọjà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ti ẹnì kejì. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa di báàrù mú lọ́jọ́ kan. Ìdáhùn tí àwọn yòókù gbọ́dọ̀ mọ̀ lórí nìyí: "Ẹ má bínú, màmá. Màá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, màá sì pè yín padà." Ẹni tí a kò tíì pè padà kò tíì ní àga. Ẹni tí kò bá sì san àsansílẹ̀, báàrù ni a fi kọ orúkọ rẹ̀; ẹni tó bá san ni a ó fi bírò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí obìnrin kan bá fẹ́ dé láti Èkó, tó sì pè láti ọ̀hún, ẹ bi í pé aago ibo ló ń sọ, nítorí pé aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú ti Abijan.

Ọ̀SÁN NI ẸJỌ́ ÌRỌ̀LẸ́ TI Ń BẸ̀RẸ̀

Lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ láago 12, kó fi ohun tó wà nínú ìwé wé ohun tó wà lórí àga. Bí iṣẹ́ bá ti fi ju wákàtí kan lọ pẹ́ lórí àga méjì, kó pe àwọn oníbàárà ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó kúrò nílé. Ẹni tí a sọ fún pé kó wá láago márùn-ún dípò mẹ́rin á sinmi nílé rẹ̀. Ẹni tó wá láago mẹ́rin tí a kò dá lóhùn títí di márùn-ún, ìjà ló wá.

OṢÙ TÍ A KÒ TÍÌ RÍ

Ọ̀kan wà nínú àwọn ọdún tó le ju gbogbo wọn lọ, ìyẹn ìtúnu àwẹ̀. Kérésìmesì kì í yẹ̀ kúrò lójú 25. Iléyá ń bọ́ sí ọjọ́ kẹwàá oṣù rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ bí mẹ́sàn-án wà láàárín rírí oṣù àti ọdún. Onídìrí ráyè tún ìwé rẹ̀ tò. Ṣùgbọ́n alẹ́ ni wọ́n máa ń mọ̀ pé ìtúnu àwẹ̀ di ọ̀la. Ààwẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ 29, ó sì lè jẹ́ 30. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 29 ni wọ́n gbà á lọ́dún 2023, ọdún sì bọ́ sí 21 Oṣù Kẹrin. Lọ́dún 2024, 30 ni, ọdún bọ́ sí 10 Oṣù Kẹrin. Lọ́dún 2025, 29 ni wọ́n tún gbà, ọdún bọ́ sí 30 Oṣù Kẹta. Kò sí ẹni tó lè fi ti ọdún kan mọ ti òmíràn.

Ohun tó ń fa wàhálà ni pé àwọn oníbàárà máa ń sọ pé, "Ẹ kọ mí sí àìsùn ọdún." Bí onídìrí bá kọ "àìsùn ọdún" sílẹ̀, àwọn kan á wá ní ọjọ́ 29, àwọn kan á dúró títí wọ́n á fi gbọ́ ti oṣù. Bí oṣù bá yọ lálẹ́ ọjọ́ 29, gbogbo àwọn tó dúró á ya wọlé lóru ọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má ṣe kọ "àìsùn ọdún" sínú ìwé láé. Ọjọ́ ni kí ẹ kọ. Ẹ mú ọjọ́ 29 ààwẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni àìsùn, kí ẹ kún un dé ibi tí ìṣirò gbé yín dé, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà pé, bí oṣù yọ tàbí kò yọ, ọjọ́ yẹn ni tirẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ 30 sílẹ̀ lófìfo. Bí oṣù bá yọ, ọjọ́ náà ti di ọdún, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àdéhùn. Bí kò bá yọ, ọjọ́ 30 á gba àwọn tó pẹ́, àwọn tí irun wọn bàjẹ́ lóru, àti àwọn tó yà wọlé.

ÒṢÌṢẸ́ NÁÀ Ń ṢỌDÚN

Ìṣirò wákàtí 44 tí a ṣe dá lórí pé gbogbo òṣìṣẹ́ wà ní ìjókòó. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ náà ní ilé àti ẹ̀sìn. Bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà bá fẹ́ lọ ṣọdún ní Èjìgbò, kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan. Láti Abijan dé Èkó nìkan jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà ẹgbẹ̀rún kan, ẹnubodè mẹ́rin ló sì wà lọ́nà: ó máa wọ Gánà, yóò wọ Tógò, yóò wọ Bìnì, kó tó wọ Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́ta lòun á lò, ẹ kọ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún un ó kéré tán.

Bí ọwọ́ àgbà kan bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àpẹẹrẹ wa, 44 di 33. Ẹ yọ wákàtí 8 àsọ́tọ̀, ó ku 25. Iṣẹ́ 31 àti ìdámẹ́rin tí ẹ ti gbà kò wọ ibẹ̀ mọ́. Irun wẹ́wẹ́ méjì tó kù gbọ́dọ̀ ṣí lọ sí ọjọ́ iwájú pẹ̀lú àwọn yòókù. Ohun tó kù jẹ́ 21 àti ìdámẹ́rin, ó wọ inú 25. Nítorí náà, kí ọ̀gá tó gba oníbàárà àkọ́kọ́ fún ọdún kan ni kó ti mọ ẹni tó máa wà níjókòó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kó gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ara ògiri, kó jẹ́ kí oníkálukú mú ọdún tirẹ̀: Mùsùlùmí á gba ìtúnu àwẹ̀ àti Iléyá, yóò sì dúró síbi iṣẹ́ nígbà Kérésìmesì àti Àjíǹde fún Kìrìsìtẹ́nì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá jẹ́ ẹlẹ́sìn kan náà, kò sí pàṣípààrọ̀ tó lè gbà wọ́n. Kí ọ̀gá tètè ti ìlẹ̀kùn lọ́sàn-án àìsùn, kó sì ka wákàtí tó kù nìkan.

Ẹni tó bá ti ka ọwọ́ rẹ̀, tó kọ aago ìdìde mọ́ aago ìjókòó, tó sì kó irun tó ń pẹ́ lórí síwájú, lè sọ fún oníbàárà ogún pé, "Ẹ má bínú, kò sí àyè lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ Tọ́sìdeè ṣófo." Ọ̀rọ̀ yẹn lè dùn wọ́n lórí tẹlifóònù. Kò lè dùn wọ́n tó kí wọ́n dé Rọ́kísì láago mẹ́sàn-án kí wọ́n bá ẹlòmíràn lórí àga wọn.